Ohun tí kò gbọdọ̀ dé ẹnu ọmọ ọwọ́ tó ń yàgbẹ́ gbuuru

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ mi pé oṣù mẹ́jọ, ó sì wọn kílò mẹ́jọ. Lóṣù tó kọjá, ó yàgbẹ́ gbuuru. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa ní kí n máa fún un ní ìdajì kápúsù Ìmódíọ̀mù àti ìdá kan nínú mẹ́rin hóró Fílájìlì. Ìyá ọkọ mi náà gbé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wá, wọ́n ní eyín tó ń hù àti jẹ̀díjẹ̀dí ló ń ṣe é. Ẹ̀rù bà mí, mo gbé e lọ sílé ìwòsàn, ara rẹ̀ sì yá. Àmọ́ gbogbo nǹkan wọ̀nyí ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Èwo ni mi ò gbọdọ̀ fún un láéláé, kí sì ni ìdí rẹ̀?" Ìyá ọlọ́mọ kan, Ìbàdàn.

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó yẹ kí ọmọ náà tọ́ wò. Àmọ́ ewu wọn kò dọ́gba, nítorí náà n ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, n ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó lè tètè pa ọmọ jù, ìyẹn Ìmódíọ̀mù.

Orúkọ oògùn tó wà nínú kápúsù náà gan-an ni lópérámáídì. Oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ ló ń ṣe é, tí kálukú sì fún un lórúkọ tirẹ̀, nítorí náà lópérámáídì ni kí ẹ máa wá lára páálí. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dá ìfun dúró, kí ìfun má baà máa ti ohun inú rẹ̀ síwájú. Kò pa kòkòrò tó fa àìsàn náà, kò sì dá omi tó ti jáde lára ọmọ padà. Bẹ́ẹ̀, omi yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ìgbẹ́ fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń pa ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, omi àti iyọ̀ tó bá ìgbẹ́ jáde ló ń pa á. Tí ẹ bá dá ìfun dúró nígbà tí ara rẹ̀ ṣì ń tú omi sínú rẹ̀, inú ìfun ni omi náà máa kóra jọ sí, ibi tí ojú yín kò lè tó. Ìtẹ́dìí á gbẹ, ìyá á dúpẹ́, ara ọmọ á sì máa gbẹ lọ lábẹ́lẹ̀.

Èyí nìkan ì bá ti tó láti jù ú nù, ṣùgbọ́n ó tún kù. Ìfun ọmọ ọwọ́ lè dákẹ́ pátápátá lẹ́yìn tó bá lo oògùn yìí. Ikùn á wú, á le bí ìlù, ọmọ kò ní lè yàgbẹ́ tàbí só, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bì omi tó ní àwọ̀ ewé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìdílé mọfíìnì, oògùn líle tó ń pa ìrora tó sì ń kunni lóorun, ni lópérámáídì ti wá. Lára àgbàlagbà, ohun kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tó ń lé oògùn náà padà kó má baà wọ ọpọlọ. Lára ọmọ ọwọ́, ohun náà kò tíì gbó tó. Oògùn á wọlé, ọmọ á máa tòògbé, ẹyinjú rẹ̀ dúdú á sún kì bí orí abẹ́rẹ́, mímí rẹ̀ á sì máa falẹ̀. Nígbà mìíràn, ó lè dúró.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ìdajì kápúsù tí wọ́n ní kí ẹ fún un. Kápúsù kan jẹ́ mílígíráàmù 2, ìdajì rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 1, ọmọ yín sì wọn kílò 8. Tí a bá fi ìwọ̀n kan náà fún àgbàlagbà tó wọn kílò 70, ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílígíráàmù 9, ìyẹn kápúsù tó lé ní mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Méjì péré ni àgbàlagbà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní kí ẹ pín in sí méjì rò pé òun ti dín in kù, àmọ́ ó ju ìlọ́po méjì ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa lò lọ, tí a bá fi ara ọmọ wọ̀n ọ́n. Ó sì ní "máa fún un", kò sọ pé ẹ̀ẹ̀kan. Kò sí ẹni tó lè fi ojú pín ìyẹ̀fun inú kápúsù sí méjì dọ́gba pẹ̀lú.

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí ni mò ń sọ. Ní orílẹ̀-èdè Pakísítánì, wọ́n ti ń ta lópérámáídì olómi tí wọ́n ń kán sẹ́nu ọmọ. Nígbà tó fi máa di 1989 sí 1990, àwọn ọmọ ọwọ́ tí ìfun wọn ti dákẹ́ nítorí oògùn náà ti ń dé ilé ìwòsàn, àwọn kan nínú wọn sì kú. Ní 1990, wọ́n kó o kúrò lọ́jà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà lónìí, ìwé oògùn náà sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò gbọdọ̀ lò ó rárá. Ní Bìrìtéènì, èyí tí wọ́n ń tà láìsí ìwé dókítà, ẹni ọdún 12 sókè ló wà fún. Mo sọ ìyẹn nítorí pé àwọn ẹbí wa tó wà lókè òkun máa ń fi páálí rẹ̀ ránṣẹ́ sílé mọ́ fítámì, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ohun tó bá ti òkè òkun wá kò lè ṣe ọmọ ní nǹkan.

Lómótíìlì náà wà, hóró funfun kékeré kan tí wọ́n tún fi ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró. Ẹ má fi sínú ilé tí ọmọ ọwọ́ bá wà. Ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ àti ìwọ̀n tó ń pa ọmọ kò jìnnà síra rárá, ohun tó sì burú jù ni pé ọmọ tó gbé e mì lè máa ṣeré bíi pé kò sí nǹkan kan, kí mímí rẹ̀ tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí, nígbà mìíràn ní ọjọ́ kejì. Bí ọmọ ọwọ́ bá ti mu èyíkéyìí nínú méjèèjì, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bó bá ń rẹ́rìn-ín.

Fílájìlì kò le tó ìyẹn, ṣùgbọ́n òun ni mo máa ń rí jù, nítorí kò sí ilé tí kò sí. Ó wúlò fún àwọn kòkòrò kan, bíi àmíbà, nígbà tí àyẹ̀wò bá fi hàn. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbẹ́ gbuuru ọmọ ọwọ́, kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní rotafáírọ́ọ̀sì, Fílájìlì kò sì rí i mú. Ohun tí ọmọ máa rí gbà nínú rẹ̀ ni ìkorò tó máa mú un bì, àti ẹnu tí kò ní fẹ́ gba ọyàn mọ́. Ọmọ tí omi ń jáde nídìí rẹ̀, ẹ tún wá ṣí ojú ọ̀nà mìíràn fún omi lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa wá sọ pé ó ṣiṣẹ́, nítorí ìgbẹ́ náà dá ní ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Bí ẹ kò bá fún un ní nǹkan kan ju omi ara tó yẹ lọ, ọjọ́ yẹn náà ni ì bá dá.

Kápúsù aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò tí àwọn àgbà máa ń tú sínú omi fún inú rírun, ìyẹn tẹtirasáíkílìnì, máa ń wọ inú eyín àti egungun tó ń dàgbà. Eyín tí kò tíì hù á ti gba àwọ̀ ràkọ̀ràkọ̀ kó tó yọ, fífọ̀ kò sì lè mú un kúrò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 kò yẹ kó lò ó. Fẹnẹ́gàn, tí wọ́n ń fún ọmọ kó má baà bì, lè dá mímí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 dúró. Áńdírùsì, ìyẹ̀fun tó ń hó nínú omi, ní oògùn ìyàgbẹ́ nínú. Ẹ wo bó ṣe máa rí fún ẹni tó ti ń yàgbẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ó wá kan àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. N kò bá àgbo jà, ìyá wa. Ewé wà tó ní iṣẹ́ gidi nínú, iṣẹ́ gidi tó ń ṣe yẹn gan-an ló jẹ́ kí n máa bẹ̀rù rẹ̀ fún ọmọ kílò mẹ́jọ. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n ń tà nínú ìgò, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣe láti fọ inú. Wọ́n máa ń fi ewé tàbí egbò tó ń mú ni yàgbẹ́ sí i, asunwọn wà lára wọn, kí ohun tí wọ́n kà sí ìdọ̀tí lè jáde. Àgbàlagbà tí inú rẹ̀ le lè dúpẹ́ fún un. Ọmọ tó ti yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà láti òwúrọ̀, omi tó kù lára rẹ̀ ni àgbo yẹn máa fọ̀ jáde.

Káún ni wọ́n fi ń pọ́n òmíràn, iyọ̀ sì ni káún lọ́nà kan. Nígbà tí omi bá ti dínkù lára ọmọ, iyọ̀ tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ki. Bí ẹ bá tún da káún lé e, ó lè ki débi tí ọpọlọ á fi sún kì, gìrì á sì mú ọmọ. Ògógóró ni wọ́n fi rẹ òmíràn. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tí kò jẹun ló ń tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ kí ọpọlọ má baà kú. Ọtí máa ń dá ẹ̀dọ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Ọmọ á rọ̀, á sùn, ilé á dákẹ́. Mo ti gbọ́ gbólóhùn náà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ìyá, pé "nígbà tó mu ún tán, ó sùn dáadáa." Oorun tí ọmọ kò jí nínú rẹ̀ láti mu ọyàn kì í ṣe oorun ìwòsàn. Ẹni tó ń ta àgbo náà kò sì kọ ohun tó wà nínú ìgò sára rẹ̀, nítorí náà ẹ kò lè mọ̀ bóyá ti káún ni, ti ọtí ni, àbí ti méjèèjì.

Bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ ní àgbo tún ní ewu tirẹ̀. Ẹ mọ rírọ: wọ́n á dá ọmọ dùbúlẹ̀ lórí itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ìdérí lẹ́bàá ẹnu rẹ̀, wọ́n á da àgbo sí i, ẹlòmíràn á tún di imú rẹ̀ mú kó lè gbé e mì. Ọmọ tó ń ké ń fa èémí sínú, ó sì ń fa àgbo mọ́ èémí náà. Nígbà tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, ọmọ tó wá nítorí ìgbẹ́ gbuuru á di ẹni tí à ń tọ́jú nítorí ẹ̀dọ̀fóró. Ikọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lójijì lẹ́yìn rírọ, pẹ̀lú mímí kíákíá, ni àmì rẹ̀. Ẹ má rọ ọmọ, kódà kó jẹ́ omi lásán.

Bí gìrì bá wá mú ọmọ nítorí omi ara tó tán, ẹnì kan nínú ilé lè sáré mú àgbo tútù wá, èyí tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù, tábà, aáyù, ẹfinrin àti iyọ̀ ṣe. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà bó bá jẹ́ pé ìyẹn ni ẹ máa ṣe kó má baà wọlé. Ó máa ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀, ọmọ sì lè dákú pátápátá.

Ní ti eyín tí ìyá ọkọ yín mẹ́nu bà, eyín kì í mú ọmọ yàgbẹ́ gbuuru. Ní oṣù tí eyín bẹ̀rẹ̀ sí í hù, ọmọ ti ń rákò, gbogbo ohun tó bá he ló ń fi sẹ́nu, oúnjẹ mìíràn sì ti ń bá ọyàn rìn. Ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń wọlé. Ìgbàgbọ́ yìí ti ná wa ní ẹ̀mí. Ní ìparí 2008, oògùn eyín olómi kan tí wọ́n ń pè ní Máì Píkíìnì wà lọ́jà ní Nàìjíríà, wọ́n sì ti fi kẹ́míkà kan tó ń ba kíndìnrín jẹ́ ṣe é. Ọmọ 84 ló kú. Àmì tó kọ́kọ́ ń hàn lára ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé wọn kò tọ̀ mọ́. Nítorí náà, bí ọmọ bá ń yàgbẹ́, ẹ má lọ ra oògùn eyín fún un.

Jẹ̀díjẹ̀dí ní ewu mìíràn tí ẹnikẹ́ni kì í sábà sọ. Nítorí a gbà pé ohun dídùn ló ń fà á, àwọn àgbà máa ń ní kí a má fún ọmọ ní ohunkóhun tó ní ṣúgà nínú, omi iyọ̀ àti ṣúgà tí ilé ìwòsàn fún wa sì máa ń wà lára ohun tí wọ́n kà léèwọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gba ìyẹn. Ṣúgà inú rẹ̀ kò pọ̀, iṣẹ́ ló sì wá ṣe: ìfun tó ń ṣàìsàn kò lè fa iyọ̀ wọlé dáadáa bí ṣúgà kò bá bá a rìn, níbi tí iyọ̀ bá sì gbà ni omi ń tẹ̀ lé. Ẹ yọ ṣúgà kúrò, omi náà kò ní dúró lára. Àmọ́ èyí kò sọ pé kí ẹ fún un ní mínírà tàbí móótì. Ṣúgà inú wọn pọ̀ jù, ó tún ń fa omi jáde kúrò lára sínú ìfun ni. Oyin náà, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, nítorí kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tó ń mú iṣan ọmọ rọ, títí kan ti mímí.

Kí ni kí ẹ wá fi rọ́pò? Ó-Áà-Ẹ́ẹ̀sì ni, omi iyọ̀ àti ṣúgà tí mo ń sọ yẹn, sáṣẹ́ẹ̀tì kan nínú omi lítà kan. Ọ̀rá piọ́ wọ́tà ti 50 sẹ́ńtílítà, méjì rẹ̀ ni lítà kan. Ẹ ka ara sáṣẹ́ẹ̀tì náà kọ́kọ́, torí pé àwọn kan wà tí omi wọn kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú gbogbo omi náà, ẹ má fojú bu díẹ̀ sínú ife, nítorí ibi tí aṣìṣe ti ń wọlé jù nìyẹn: sáṣẹ́ẹ̀tì odindi nínú fídà kékeré kan á di iyọ̀ tó lè ṣe ọmọ ní ohun tí káún ń ṣe. Bó bá ti pé wákàtí 24, ẹ dà á nù, ẹ po tuntun. Bí kò bá sí sáṣẹ́ẹ̀tì, ṣíbí tíì 6 ṣúgà tí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ tẹ́jú àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ nínú omi lítà kan ni. Ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ yín lóṣù tó kọjá. Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 nílò mílílítà 50 sí 100. Ṣíbí tíì kan jẹ́ mílílítà 5, nítorí náà ṣíbí 10 sí 20 ni lẹ́yìn ìgbẹ́ kan. Bó bá yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ohun tó yẹ kó ti wọlé jẹ́ mílílítà 300 sí 600. Ṣíbí kan, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ṣíbí mìíràn. Bó bá bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọyàn kò gbọdọ̀ dúró, ẹ tún máa fún un lọ́yàn sí i. Lẹ́yìn èyí, oògùn kan ṣoṣo tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru máa lò nílé ni síǹkì: mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọmọ oṣù mẹ́fà sókè, ìdajì rẹ̀ fún èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, fún ọjọ́ 10 sí 14, kódà bí ìgbẹ́ bá ti dá. Ẹ lè yọ́ ọ sínú ṣíbí kan omi ọyàn.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ fi ilé wò ni wọ̀nyí: ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ibà, ọmọ tí kò lè mu tàbí tí gbogbo ohun tó mu ń jáde, àwùjẹ̀ tó rì, ojú tó jìn, omijé tí kò jáde nígbà tó ń ké, wákàtí mẹ́fà láìtọ̀, ikùn tó wú, oorun tí ó ṣòro láti jí i nínú rẹ̀. Ẹ fa awọ ikùn rẹ̀ sókè díẹ̀ pẹ̀lú ìka méjì, kí ẹ sì jọ̀ọ́ rẹ̀. Bó bá pẹ́ kó tó padà sáyè rẹ̀, omi ti lọ púpọ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, ẹ má dúró wo àmì kankan.

Ní ti kọ́bọ́ọ̀dù yín, ẹ tú Ìmódíọ̀mù jáde nínú páálí, ẹ pò ó mọ́ iyanrìn tàbí erùpẹ̀ nínú ọ̀rá, kí ẹ di í, kí ẹ sì jù ú sínú pàǹtí kí ọmọ mìíràn má baà he é. Àgbo náà, ẹ dà á nù. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ kò rọrùn, ẹ má sì bá wọn jiyàn lórí àgbo. Ẹ gbé ọmọ lé wọn lẹ́sẹ̀, ẹ fi ṣíbí àti ife Ó-Áà-Ẹ́ẹ̀sì lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ ní kí wọ́n bá yín ka ṣíbí tó wọlé. Ìyá àgbà ní sùúrù ju ìyá ọmọ lọ fún irú iṣẹ́ yẹn.

Bó bá sì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé ẹnikẹ́ni ti fún un ní ohunkóhun kí ẹ tó dé, ẹ gbé páálí tàbí ìgò náà dání lọ sílé ìwòsàn, ẹ sọ ohun tó mu, iye tó mu àti aago tó mu ún. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú mú yín fi í pamọ́. Oògùn wà tó ń ṣẹ́gun lópérámáídì nígbà tí mímí bá ń falẹ̀, ṣúgà wà fún ọmọ tí ọtí tàbí àgbo tútù ti fa ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ń wá.